Wíwọlé Kọ́ Ni Ṣíṣiṣẹ́

Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ bá jà nínú àròkọ yìí. Ẹnu àwa tí a ń tún kọ̀mpútà ṣe ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara kọ̀mpútà gbà á lẹ́nu wa, àwọn oníbàárà sì ti ń sọ ọ́ fún ara wọn báyìí bí ẹni ń ka òfin. Gbólóhùn náà ni: "Tó bá ti wọlé, ó máa ṣiṣẹ́." Irọ́ ni. Èmi náà ti pa irọ́ yìí fún oníbàárà rí, n kò ní fi bò. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ó ti fẹ́ kó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sí gbèsè, mo ti pinnu pé ẹni tí ó bá tún sọ ọ́ létí mi yóò gbọ́ ìdáhùn. Ìdáhùn náà nìyí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ya fídíò ìgbéyàwó. Ní Òníru tí a ń gbé, àti ní àdúgbò tó yí wa ká láti Fikitóríà Áílàǹdì dé Lẹ́kí, iṣẹ́ kì í wọ́n ẹni tó bá mọ kámẹ́rà dì mú ní ọjọ́ Sátidé. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan, ThinkPad T480, ni ó fi ń gé fídíò rẹ̀. Díráìfù SSD tó bá a wá kò ju 256GB lọ, ìgbéyàwó kan tí wọ́n fi kámẹ́rà méjì yà lè gba ìdajì rẹ̀. Ó wá gbọ́ pé T480 ní ihò kékeré kan nínú tí ó ṣófo, ihò tí wọ́n ṣe fún módẹ́ẹ̀mù oníkáàdì SIM, àti pé èèyàn lè fi SSD kékeré sí i. Òótọ́ ni ohun tí ó gbọ́. Ó ránṣẹ́ sí oníṣọ́ọ̀bù kan lórí Wọ́sáàpù pé òun fẹ́ M.2 2242 tí yóò wọ ihò módẹ́ẹ̀mù T480. Oníṣọ́ọ̀bù ní ó wà. Ó lọ, ó sanwó, ó gbé e délé.

Ó wọlé. Ó wọlé wẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ tí ń wọ bàtà rẹ̀. Ihò síkúrù bá ihò síkúrù mu. Ó tan láptọ́ọ̀pù náà, kò rí nǹkan kan. Ó pa á, ó tún un tàn, òfìfo náà ni. Nígbà tí ó pe oníṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní SSD àwọn kò lè ní àbùkù nítorí pé ó wọlé. Ihò láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ló ti kú, kí ó gbé e wá kí àwọn tú bọ́ọ̀dù rẹ̀ wò. Wọ́n ti dárúkọ iye tí yóò san. Ìyàwó kan sì wà tí ó ti gba owó ìṣáájú lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ń retí fídíò ní ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí ó fi máa dé ọ̀dọ̀ mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ti ń yan inú àwọn fídíò ìgbéyàwó tí ó ti yà sẹ́yìn, èyí tí yóò pa rẹ́ kí àyè lè wà.

Mo ní kó fọwọ́ kúrò níbẹ̀ ná.

Mo yọ SSD náà, mo fi sínú àpótí USB mi kan tó jẹ́ ti SATA, mo fi kebúlù so ó mọ́ kọ̀mpútà mi. Ó yọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, 256GB pé pérépéré. SSD náà yè. Mo wá mú SSD kékeré mìíràn nínú dúrọ́ọ̀ mi, 2242 bíi ti àkọ́kọ́, èéjí méjì bíi ti àkọ́kọ́, mo tì í sínú ihò T480 náà. Òun náà yọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ihò náà yè. Nǹkan méjì tí ara wọn le koko ni wọ́n fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ọmọdé yìí láti fi tọ́jú.

Kí ó tó yé òǹkàwé, n óò ní láti ṣàlàyé ohun tí mo pè ní èéjí. Ẹ wo SSD M.2 kan dáadáa. Pátákó pẹlẹbẹ ni, bí ìdajì ṣingọ́ọ̀mù. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 22. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lára 2242 tàbí 2280 ni gígùn rẹ̀: mílímítà 42 tàbí 80. Ní etí rẹ̀ kan ni eyín wúrà tó kọjú sí ihò wà. Ipò eyín 75 ni wọ́n ṣètò fún etí náà, lójú méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kì í pé, nítorí wọ́n á gé ibì kan lára rẹ̀ jáde. Ibi tí wọ́n gé yẹn ni mò ń pè ní èéjí, nítorí pé bí èéjí ẹnu èèyàn ló ṣe rí gan-an. Nínú ihò, irin tàbí ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó máa bọ́ sínú èéjí náà. Bí SSD kò bá ní èéjí níbi tí ihò ti ní ìdènà, kò ní wọlé.

Oríṣi èéjí méjì ló kan SSD. Èyí tí wọ́n ń pè ní B gé eyín 12 títí dé 19 kúrò. Ẹ óò rí eyín 6 tí ó dá dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹ bá ka ojú tí eyín ti pọ̀ jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní M gé eyín 59 títí dé 66. Eyín 5 ni yóò dá dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn SSD kan sì wà tí wọ́n gé méjèèjì fún, tí wọ́n fi lè wọ ihò B, tí wọ́n sì lè wọ ihò M. Eléèjí méjì yìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rà. Eléèjí méjì yìí náà ni ọ̀tá mi nínú àròkọ yìí.

Òun ni ọ̀tá nítorí pé èéjí ń sọ ibi tí nǹkan lè wọ̀, kò sọ èdè tí nǹkan ń sọ. Èdè méjì ni SSD M.2 ń sọ ní ayé. Èkíní ni SATA, èdè àtijọ́ tí àwọn díráìfù ńláńlá inú kọ̀mpútà orí tábìlì ti ń sọ tipẹ́; kì í kọjá nǹkan bíi 550MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkejì ni NVMe, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2011, tí ó ń gba orí ọ̀nà PCIe kọjá. Ọ̀nà PCIe 3.0 kan ṣoṣo ń gbé nǹkan bíi 985MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD sì lè gba ọ̀nà méjì tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Èdè méjèèjì kò gbọ́ ara wọn rárá. Kì í ṣe pé ọ̀kan yóò máa falẹ̀ lórí èkejì, òdo ni.

Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé eyín kan náà ni èdè méjèèjì ń lò. Eyín 41, 43, 47 àti 49 ni SATA fi ń gba ọ̀rọ̀ tí ó sì fi ń sọ ọ̀rọ̀. Eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kan náà ni ọ̀nà PCIe àkọ́kọ́. Gbogbo rẹ̀ wà ní agbedeméjì, níbi tí èéjí B àti èéjí M kò dé. Nítorí náà, SSD tó jẹ́ SATA lè gé èéjí méjèèjì láìpàdánù nǹkan kan, nítorí pé eyín tí wọ́n gé kò wúlò fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà PCIe mẹ́rin kò lè gé èéjí B, torí pé eyín 13, 17 àti 19, tó wà lára ọ̀nà kẹta àti ìkẹrin, ni èéjí B gé lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn NVMe tó yára jù fi ní èéjí kan ṣoṣo, ti M. Bí a bá gé èéjí B lára NVMe, ọ̀nà méjì péré ló kù fún un. Irú NVMe ọlọ́nà méjì bẹ́ẹ̀ sì wà lọ́jà.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí ká wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí mo bá fi SSD eléèjí méjì hàn yín láìjẹ́ kí ẹ rí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ó lè jẹ́ SATA, ó sì lè jẹ́ NVMe ọlọ́nà méjì. Kò sí bí ojú ṣe lè mọ̀ ọ́n. Alákọ̀wé kò mọ̀ ọ́n, oníṣẹ́ ogún ọdún kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n jọra bí ìbejì tí wọ́n wọ aṣọ kan náà, ìyá wọn nìkan ló dá wọn mọ̀.

Àwọn tó ṣètò M.2 mọ èyí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wọn kò mọ̀. Ẹ̀rí mi ni eyín 69. Lára SSD tó jẹ́ SATA, wọ́n so eyín 69 mọ́ ilẹ̀. Lára èyí tó jẹ́ PCIe, wọ́n fi í sílẹ̀ láìso ó mọ́ nǹkan kan. Bọ́ọ̀dù tó bá gbọ́ èdè méjèèjì yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan eyín 69, yóò mọ irú àlejò tó wọlé, yóò sì yí èdè rẹ̀ padà kí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀. Mo wá bi yín: bí èéjí bá tó láti fi mọ SSD, kí ni eyín 69 ń wá níbẹ̀? Wọ́n dá àmì sílẹ̀ fún ẹ̀rọ kí ẹ̀rọ má baà ṣìnà, wọn kò dá ọ̀kankan sílẹ̀ fún ojú èèyàn tó ń fi owó rẹ̀ rà á. Eyín 69 kò sì lè ran ẹni tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ kò gbọ́ ju èdè kan lọ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè.

Bí ọ̀rọ̀ T480 ṣe rí gan-an nìyẹn. Ihò módẹ́ẹ̀mù rẹ̀ jẹ́ ihò B. Ìlànà fi àyè sílẹ̀ fún ihò B láti gbé USB, SATA, tàbí ọ̀nà PCIe méjì, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù láti yan èyí tí òun yóò fa wáyà rẹ̀ dé ibẹ̀. Nínú T480, tó jáde ní 2018, ọ̀nà PCIe méjì ni wọ́n fà dé ihò náà. Wọn kò fa SATA dé ibẹ̀. Nínú T440, tó jáde ní 2013, SATA ni. Ihò kan náà, èéjí kan náà, mílímítà 42 kan náà, ìlà ThinkPad kan náà. SSD tí yóò sọ̀rọ̀ dáadáa nínú T440 yóò yadi nínú T480, èyí tí yóò sì sọ̀rọ̀ nínú T480 yóò yadi nínú T440. Ẹni tí ó ti fi SATA sínú T440 ẹgbẹ̀rún lọ́nà tí ó bọ́ sí i kò parọ́ tó bá ní òun mọ iṣẹ́ náà. Ó kàn jẹ́ pé ìmọ̀ rẹ̀ kò dé inú T480. Mo gbà pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí oníṣọ́ọ̀bù yẹn nìyẹn, kì í ṣe olè.

Àwọn kan wà tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín mi lábẹ́ imú. Wọ́n á ní kí n dákẹ́, kí oníbàárà kúkú máa ra eléèjí kan, ti M, gbogbo wàhálà á tán. Kò ní tán. Ní àkọ́kọ́, eléèjí kan ti M kò lè wọ ihò B rárá, nítorí náà kò wúlò fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Èkejì, ihò M pàápàá ní àrùn yìí. Àwọn láptọ́ọ̀pù wà tí ihò M wọn kò gbọ́ ju NVMe lọ; ẹ ti SATA eléèjí méjì sí i, yóò wọlé, yóò sì jókòó síbẹ̀ bí ère. Àwọn mìíràn wà tí ihò M wọn jẹ́ SATA nìkan. Ẹ ra NVMe olówó iyebíye sí i, ọ̀rọ̀ náà ni. Àpótí USB tí a fi ń so SSD mọ́ ìta náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: àwọn kan wà fún SATA nìkan, àwọn kan fún NVMe nìkan, àwọn kan ń gba méjèèjì. Ẹni tó bá fi SATA dán àpótí NVMe wò lè ju SSD tó yè sí ààtàn, kí ó sì fi ìgboyà sọ pé ó ti kú. Mo ti hú irú òkú bẹ́ẹ̀ jáde nínú agbọ̀n ìdọ̀tí ẹlòmíràn rí. Ó wà nínú kọ̀mpútà mi títí di òní.

(Oríṣi kẹta tún wà tí n kò fẹ́ fi dà á rú: kọ̀mpútà àtijọ́ tó rí NVMe náà, tó sì ń kọ nǹkan sí i, ṣùgbọ́n tí kò lè tan láti orí rẹ̀, nítorí pé BIOS rẹ̀ kò tíì kọ́ èdè náà nígbà tí wọ́n ṣe é. Ihò kọ́ ló jẹ̀bi nínú ìyẹn, kò sì kan ìjà tòní.)

Àwọn mìíràn á ní kí ni mò ń pariwo sí, ṣe ohunkóhun jó ni? Òótọ́ ni, kò sí ohun tó jó. Fóòtì 3.3 ni SSD méjèèjì ń gbà, nítorí náà ẹni tó bá ti SATA sínú ihò NVMe kò ní gbóòórùn èéfín. Iṣẹ́ tí èéjí wà fún nìyẹn gan-an, láti má jẹ́ kí ohun tó lè ba ara wọn jẹ́ pàdé. Mo yìn ín fún un. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò jó, kò sí ohun tí yóò fi han ẹni tó rà á pé ọjà náà kọ́ ló yẹ kó rà. Ìbá jó, à bá mọ ẹni tí a ó mú. Ó dákẹ́, ni wọ́n bá sọ pé bọ́ọ̀dù ló kú.

Báwo ni èèyàn ṣe wá lè mọ̀? Ibi méjì ni a ó wò, kí owó tó kúrò lápò. Èkíní ni ohun tí wọ́n kọ sára SSD náà. Bí ẹ bá rí "NVMe" tàbí "PCIe", NVMe ni ẹ kọ́kọ́ kà á sí. Bí ẹ bá rí "SATA" tàbí "6Gb/s", SATA ni. Bí ẹ bá rí "M.2" nìkan, ẹ kò tíì rí nǹkan kan, nítorí pé M.2 jẹ́ orúkọ ìrísí, kì í ṣe orúkọ èdè. Lára SSD ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, "SATA III 6Gb/s" wà níbẹ̀ gbangba, ní lẹ́tà tó kéré ju èèrà lọ, lábẹ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀. Èkejì ni ìwé àlàyé láptọ́ọ̀pù náà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é, níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí ihò kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ẹ wá orúkọ láptọ́ọ̀pù gan-an, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ pé. "ThinkPad" kò tó, ẹ ti rí ohun tó wà láàárín T440 àti T480.

Bí SSD kan bá sì ti wà nínú kọ̀mpútà tẹ́lẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, ẹ lè bi kọ̀mpútà náà léèrè èdè tí wọ́n jọ ń sọ. Lórí Windows, ẹ ṣí PowerShell, kí ẹ tẹ èyí:

```
Get-PhysicalDisk | Select FriendlyName,BusType
```

Lábẹ́ BusType, yóò kọ NVMe tàbí SATA. Bí ó bá jẹ́ inú àpótí USB ni SSD náà wà, USB ni yóò kọ, ìyẹn kò sì sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà nínú àpótí.

Mo mọ èsì tí oníṣọ́ọ̀bù yóò fún mi sí gbogbo èyí, nítorí pé ó fún mi. Ní ọjọ́ kejì, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jọ lọ. Mo kí i, mo sì fi SSD náà hàn án. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, oníbàárà ló yẹ kó mọ ohun tó fẹ́ rà. M.2 ló ní òun fẹ́, M.2 la fún un." Ó nawọ́ sí pátákó tó gbé kọ́ sára ògiri pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, wọn kì í gbà á padà.

Mo ní, "Ọ̀gá, kì í ṣe M.2 nìkan ló ní òun fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fóònù yín." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lórí Wọ́sáàpù ṣì wà níbẹ̀: M.2 2242, ihò módẹ́ẹ̀mù, T480. Ó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ibi tí mo fẹ́ kí òǹkàwé dì mú nìyẹn, nítorí pé òfin di ibẹ̀ mú. Òfin Àpapọ̀ lórí Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà ti 2018, ní abala 122, sọ pé bí oníbàárà bá ti sọ fún ọlọ́jà ohun pàtó tí òun fẹ́ fi ọjà ṣe, tí ó sì rí i láìpẹ́ lẹ́yìn tí ó gbà á pé kò yẹ fún ohun náà, ó lè dá a padà kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Kò ní dandan kí ọjà náà bàjẹ́. SSD wa kò bàjẹ́. Kò yẹ ni, ìyẹn sì tó. Pátákó ara ògiri kò ga ju òfin yìí lọ, bó ti wù kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òfin náà ń béèrè: kí ẹ ti sọ ọ́. Ẹni tó kàn wọlé tó ní "ẹ fún mi ní M.2" kò tíì sọ nǹkan kan tí yóò dì mú. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ àwọn oníbàárà mi báyìí pé kí wọ́n kọ orúkọ láptọ́ọ̀pù wọn àti ihò tí wọ́n fẹ́ lò ránṣẹ́ sí ọlọ́jà kí wọ́n tó jáde nílé.

Ṣé oníbàárà kò ní ẹ̀bi kankan ni? Ó ní, ṣùgbọ́n kò tó ti wa. Mo lè pe ìyàwó tó ń retí fídíò ní ọjọ́ Ẹtì ní oníbàárà, mo lè pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní oníbàárà. Àwọn méjèèjì kò ṣe ọdún mẹ́wàá nídìí bọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń ta aṣọ mọ ìyàtọ̀ àǹkárá àti léèsì, kò ní máa sọ fún ìyá ìyàwó pé aṣọ ṣáà ni aṣọ. Àwa tí a ń ta SSD, tí a ń tún un ṣe, kí ló dé tí àwa fi ń sọ pé M.2 ṣáà ni M.2? Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ wa kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ lórí rìsíìtì: NVMe, tàbí SATA. Ó rọrùn ju títú bọ́ọ̀dù lọ.

Oníṣọ́ọ̀bù náà dákẹ́ díẹ̀. Ó sọ ohun kan tí mo bá a gbà, pé inú tíréè ni wọ́n ti ń gbé àwọn SSD náà fún àwọn, pé òun kò ní T480 kan nílẹ̀ tí òun lè fi dán an wò. Mo ní kò nílò T480, lẹ́tà kéékèèké ara rẹ̀ ni kó máa kà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojú òun kò gbé e mọ́. Mo fi kámẹ́rà fóònù mi ya á, mo fẹ̀ ẹ́ sójú rẹ̀. Ó kà á sókè: "SATA." Ó tú tíréè rẹ̀, ó mú 2242 mìíràn jáde, eléèjí méjì bíi ti àkọ́kọ́, NVMe ni ó wà lára rẹ̀. A fi owó díẹ̀ lé e nítorí pé ó wọ́n ju SATA lọ, ó sì gba SATA rẹ̀ padà.

A kò kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù kí a tó tì í sínú T480 náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tẹ àṣẹ náà fúnra rẹ̀. Orúkọ SSD méjì ló yọ, NVMe ni ó wà níwájú méjèèjì. Kò pa fídíò ẹnikẹ́ni rẹ́.

Nígbà tí mo wẹ̀yìn, oníṣọ́ọ̀bù ti da tíréè náà sórí tábìlì. Ó pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọdékùnrin kan tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ní kó bọ́ síbi tí iná wà kó máa ka ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ tí ọmọ náà bi í pé, "Ọ̀gá, èyí tí kò kọ ju M.2 lọ ńkọ́?" Ó ní kó yà á sọ́tọ̀.